Abẹ́rẹ́ Ló Ń Ká Etí Aṣọ: Bí Ewé Gbẹ̀rẹ̀fútù Ṣe Ń Jókòó Lórí Aṣọ Láìní Kókó, Láìyọ Òwú

Ewé gbẹ̀rẹ̀fútù kì í ṣe ewé tó rọrùn láti fi aṣọ gé. Àwọn tó ń jẹ èso rẹ̀ ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn kan ti ń pè é ní jáloke, mọ bí ewé náà ṣe rí. Ó fẹ̀, ó gùn, ó sì la bí ìka ọwọ́ lọ́tùn-ún lósì. Orí ìka kọ̀ọ̀kan mú ṣóńṣó. Láàárín ìka kan sí èkejì, kòtò kan wà tó wọlé lọ sápá ọ̀pá àárín ewé. Ẹ̀gbẹ́ tó yọ síta, ṣóńṣó, àti kòtò: ohun mẹ́ta tó máa ń da aránṣọ láàmú pé sójú ewé kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ní àwọn erékùṣù Hàwáì, láàárín òkun Pàsífíìkì, ewé yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ àránlé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá fi gbẹ̀rẹ̀fútù ṣíwọ́ iṣẹ́ kò ní ṣaláìní láéláé, nítorí pé igi tó ń bọ́ ènìyàn ni. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí ìgbàgbọ́ náà kò dárúkọ: ẹni tó bá rán ewé gbẹ̀rẹ̀fútù kan tán, tí kò sí kókó létí rẹ̀, tí òwú kankan kò sì yọ, kò sí àwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ká mọ́.

Aṣọ àránlé ni kí a gé aṣọ kan ní àwòrán, kí a gbé e lé aṣọ mìíràn, kí a sì rán an mọ́ ọn. Ọ̀nà tó yá jù, tí ọ̀pọ̀ télọ̀ wa mọ̀, ni kí wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́ aṣọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ rán sígísáàgì tó ki yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀nà náà lágbára, ṣùgbọ́n ojú máa ń kọ́kọ́ rí ìlà òwú kó tó rí ewé. Ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Nínú tirẹ̀, a kì í fi ẹ̀rọ rán an, a kì í sì í lọ etí aṣọ náà kalẹ̀ kí a tó máa rán an. Ṣóńṣó orí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán an gan-an ni a fi ń ká etí aṣọ sí abẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìrán ṣe ń lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, etí ewé á mọ́ roro, ojú kò sì ní rí òwú tó dì í mú.

Kí àwọn òyìnbó tó dé Hàwáì, kápà ni wọ́n ń fi bora, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń lù láti ara èèpo igi. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1820, lórí ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn míṣọ́nnárì wá láti Amẹ́ríkà, àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin ìdílé ọba, wọ́n sì fi ègé aṣọ àti abẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni bí a ṣe ń rán ègé pélébé-pélébé pọ̀ di aṣọ ìbora ńlá. Àwọn ará Hàwáì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n á mú odindi aṣọ aláwọ̀ kan, pupa tàbí àwọ̀ ewé, wọ́n á ká a sí ìpele mẹ́jọ, wọ́n á gé àwòrán ewé àti èso lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á wá ṣí i, wọ́n á tẹ́ ẹ lé odindi aṣọ funfun, wọ́n á sì fi ọwọ́ rán gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà ga ní Honolúlù ni Màmá Mealii Kalama. Ní 1985, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣe agbátẹrù iṣẹ́ ọnà fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá fún un.

Aránlé kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa náà. Ní Abọ́mẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tòní, àwọn aránṣọ ààfin Dàhọ̀mì fi aṣọ gé àmì àwọn ọba wọn, wọ́n sì rán wọn lé aṣọ tí wọ́n ń fi kọ́ ààfin: kìnnìún ti Glẹlẹ, ekurá ti Bẹhanzin. Ẹni tó bá sì ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa yóò ti rí àwọn ègé pupa onígun mẹ́ta tó tò ṣóńṣó-ṣóńṣó sí etí ìpele aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé Hàwáì ni àpẹẹrẹ tí a ó gbé yẹ̀ wò, nítorí ìdí kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán ewé náà tán, wọ́n á tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi aṣọ mìíràn ṣe ìdí, wọ́n á sì rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìlà tí wọ́n ń fi rán an máa ń tẹ̀lé etí ewé gẹ́lẹ́, ọ̀kan á tún tẹ̀lé ìkínní, títí tí yóò fi kan etí aṣọ ìbora. Bí etí ewé bá wọ́ níbì kan, gbogbo ìlà tó tẹ̀lé e ni yóò wọ́ níbẹ̀. Kò sí ibi tí a lè fi àléébù pa mọ́ sí.

Kí ló ń fa kókó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọwọ́ tí kò tíì mọ́ abẹ́rẹ́ ni. Ọwọ́ ní tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi jù. Etí tí a fi sílẹ̀ láti ká sínú ló máa ń pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èso gbẹ̀rẹ̀fútù ṣe ìṣirò, nítorí pé roboto ni wọ́n máa ń gé e. Ká ní èso náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 láti àárín dé etí, tí a sì fi mílímítà 5 sílẹ̀ yí i ká láti ká sínú. Etí tí sísọ́ọ̀sì gé yóò gùn ní mílímítà 157. Nígbà tí a bá ká etí yìí sí abẹ́, àyè tó bá níbẹ̀ láti jókòó sí kò ju mílímítà 94 lọ. Mílímítà 63 ti ṣẹ́kù tí kò rí ibi lọ. Ohun tó ń wú lábẹ́ aṣọ nìyẹn, òun ló sì ń ti etí jáde ní gun-gùn-gun, tí èso tó yẹ kó rí roboto á fi dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ dá a ní igun. Bí a bá gé etí náà kù sí mílímítà 3, aṣọ tó ṣẹ́kù á wálẹ̀ láti 63 sí bíi 38. Abẹ́rẹ́ lè pín ìyẹn kiri láìjẹ́ pé ojú rí i.

Nítorí náà, kọ́tà ínṣì, tó jẹ́ bíi mílímítà 6, pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Níbi tí etí ewé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, mílímítà 5 dára. Níbi tó bá ti yí síta, kó wálẹ̀ sí 3 tàbí 4. Nídìí ṣóńṣó, kó jẹ́ 3. Nínú kòtò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n kan náà gé yí ewé ká ti dá wàhálà sílẹ̀ kó tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ìyókù kù sọ́wọ́ irinṣẹ́, wọn kò sì pọ̀. Aṣọ tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé, tí híhun rẹ̀ fún, ló yẹ. Aṣọ tí wọ́n pò mọ́ pólísítà kì í gbọ́ràn, nítorí pé bí a bá ká a, á tún yára nà padà. Kí a tó ra aṣọ, kí a fi èékánná họ etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Bí fọ́nrán mẹ́ta mẹ́rin bá jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ànkárá olówùú gidi dára, bí a bá ti fọ̀ ọ́ tí líle ara rẹ̀ kúrò. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, nọ́ńbà 10 tàbí 11, ni kí a lò, irú èyí tí àwọn aránfìlà Òyìnbó ń lò. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, gígùn rẹ̀ ni a sì fi ń gbá etí aṣọ wọlé. Kí òwú jẹ́ nọ́ńbà 50 tàbí 60, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ewé mu, kì í ṣe aṣọ ìsàlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan tó ní gígùn. Òwú tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ á ti gbó kí a tó rán an dé ìdí, nítorí pé inú aṣọ ló ń gbà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ewé kan ṣoṣo, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20, tó ní ìka mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, àti ọ̀kan lórí. Ìyẹn ni ṣóńṣó 7 àti kòtò 6. A fi pẹ́ńsù tó mú ya ìlà ewé náà sí ojú aṣọ, ìyẹn ìlà tí a fẹ́ kí etí rẹ̀ dúró sí. A wá gé e ní òde ìlà, ní ìwọ̀n tí a ti sọ. Kí a má tíì la kòtò kankan. Kòtò tí a bá là ṣáájú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òwú kí ọwọ́ tó kàn án.

A tẹ́ ewé lé aṣọ ìsàlẹ̀, a sì kíyè sí bí fọ́nrán aṣọ méjèèjì ṣe lọ. Ní Hàwáì, ìpele mẹ́jọ tí wọ́n ká aṣọ òkè sí ni wọ́n ń ká aṣọ ìsàlẹ̀ náà sí, wọ́n á sì jẹ́ kí ìlà tí kíká fi sílẹ̀ lára méjèèjì bára wọn mu. Òòró á bá òòró, igun sí igun á bá igun sí igun, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní báyáàsì. Bí wọn kò bá bára wọn mu, ọ̀kan á nà ju èkejì lọ, aṣọ á sì hunjọ. Lẹ́yìn náà, a fi òwú tó yàtọ̀ láwọ̀ tákì ewé náà mọ́lẹ̀. Ojú ìrán tákì lè gùn bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ìlà ewé ní bíi mílímítà 8 sí apá inú. Bí ó bá sún mọ́ etí jù, kò ní sí àyè tí etí aṣọ máa ká sí. Pínnì lè ṣe é fún ewé kékeré, àmọ́ òwú máa ń kọ́ ọ.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe lórí ṣóńṣó, kì í sì í ṣe nínú kòtò. Ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ni, láti fún ọwọ́ láyè kó mọ aṣọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rán á máa lọ láti ọ̀tún sí òsì. A fi ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ gbá etí aṣọ wọlé títí ìlà pẹ́ńsù yóò fi bọ́ sábẹ́, a sì fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan ni ká ká lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ á jáde láti abẹ́ gba ojú etí tí a ká gan-an, á mú fọ́nrán kan tàbí méjì péré, á sì wọlẹ̀ padà sínú aṣọ ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde gẹ́lẹ́. Abẹ́ ló ti máa rin mílímítà 2 síwájú kó tó tún jáde. Gbogbo àṣírí ìrán tí ojú kì í rí wà nínú gbólóhùn yẹn: abẹ́ ni òwú ti ń rìn, kì í rìn lókè. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ síwájú ibi tó ti jáde, òwú á dùbúlẹ̀ láyìíká sórí ewé, ẹni tó dúró lókèèrè á sì rí i.

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí síta, ìkánjú ni ọ̀tá. A kì í la etí aṣọ níbi tó yọ síta, bó ti wù kí ó rí. Lílà á fún aṣọ láyè láti ṣẹ́ po níbi kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni igun á sì ti jáde. Ohun tó yẹ ni kí a dín ohun tí a ń ká kù sí ìwọ̀n ojú ìrán kan tàbí méjì, kí ojú ìrán fúnra rẹ̀ sì kéré sí i. Bí igun kékeré bá yọ lẹ́yìn tí a ti gbá a wọlé, kí a ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ibi tí a ká, kí a fi ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́ ìṣẹ́po náà sọ́tùn-ún sósì, títí tí aṣọ á fi pín dọ́gba lábẹ́. A óò rí i lójú ẹsẹ̀ pé igun náà ti wọlé. Ìgbà yẹn ni ká tó fa òwú.

Ṣóńṣó ní ìlànà tirẹ̀. A ń rán ẹ̀gbẹ́ kìíní lọ títí a fi dé ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí ẹ̀rù, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí orí ewé wọn fi rí kúlúbọ́. Bí a bá dé ibẹ̀, a rán ojú ìrán méjì sójú kan náà láti dè é. Bí a bá wá yí aṣọ náà, a óò rí ìrù kékeré kan tó yọ jáde lápá ẹ̀gbẹ́ kejì: etí tí a ti ká láti ẹ̀gbẹ́ kìíní ni. A fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé ìrù náà kúrò. A tún wo etí ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì gé e sí mílímítà 3 láti orí ṣóńṣó wá sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan.

Nísinsìnyí, abẹ́rẹ́ á gbá etí kejì wọlé, láti orí ṣóńṣó wá sísàlẹ̀. Àtàǹpàkò tẹ ibi tí a ti rán kí ó má baà ṣí. Bí aṣọ bá ń sá fún abẹ́rẹ́, ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi ṣeré: ìtayín onígi, tí a fi ẹnu rin díẹ̀. Irin abẹ́rẹ́ ń yọ̀, ṣùgbọ́n igi tútù máa ń di fọ́nrán òwú mú, á sì fà á wọlé. Lẹ́yìn tí etí bá ti wọ abẹ́, kí a fa òwú ìrán níwọ̀nba sí apá ibi tí ṣóńṣó náà kọjú sí. Fífà yìí ló ń mú orí rẹ̀ mú. Bí ṣóńṣó náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, bíi ti orí ewé, etí ẹ̀gbẹ́ kìíní fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa dín kù bó ṣe ń súnmọ́ orí, nítorí pé inú àyè kékeré yẹn ni etí méjèèjì máa sùn sí.

Kòtò ló ń fi aránṣọ hàn. Lórí ṣóńṣó, aṣọ ló pọ̀ jù. Nínú kòtò, aṣọ kò tó. Etí tó wà níbẹ̀ kúrú ju àyè tó gbọ́dọ̀ tẹ́ lé lọ, nítorí náà ó ní láti là. Kí a máa rán bọ̀ títí tó fi ku nǹkan bíi mílímítà 6 sí ìdí kòtò, ìgbà yẹn ni ká tó la á: ojú kan, tààrà, pẹ̀lú orí sísọ́ọ̀sì tó mú dáadáa, kó sì dúró nígbà tó bá ku fọ́nrán kan tàbí méjì sí ìlà pẹ́ńsù. Bí a bá là á kò dé ibẹ̀, aṣọ á hunjọ. Bí a bá là á kọjá ìlà, ihò ti ṣí nìyẹn.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Kì í gbá etí wọlé láti apá tó ti rán. Á gbé abẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ sí apá kejì kòtò, apá tí kò tíì fọwọ́ kàn, á sì yí i wálẹ̀ gba ìdí kòtò, títí tí yóò fi kan ibi tí ìrán dúró sí, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìgbéwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni gbogbo fọ́nrán tó fẹ́ yọ á tẹ̀lé abẹ́rẹ́ wọ abẹ́. Bí a bá ń fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, òwú tuntun ni à ń tú jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni irùngbọ̀n kékeré tí ń hù nínú kòtò ti ń wá. Lẹ́yìn gbígbá yẹn, ojú ìrán tó wà ní ìdí kòtò gan-an kì í mú fọ́nrán méjì bíi ti ibòmíràn. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó mú, kó wọ inú ewé díẹ̀ sí i, kí a sì fà á kó lè le. Rírán ojú méjì sójú kan náà níbẹ̀ kò burú. Òwú á hàn díẹ̀ bí a bá tẹjú mọ́ ọn, ìyẹn sàn ju kòtò tó máa ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kejì lọ.

Bí ìdí kòtò bá rí roboto, tí kò mú ṣóńṣó, ojú kan ṣoṣo tí a là á kò tó. Á fa igun sí ibi tí kò yẹ kó sí. Kí a là á ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kéékèèké, kí èyíkéyìí wọn má kọjá ìdajì etí aṣọ, kí a sì pín wọn dọ́gba. Àmọ́ o, bí ibi tó wọnú náà bá bọ́ sí báyáàsì aṣọ, ó lè má nílò lílà rárá, nítorí pé báyáàsì máa ń nà fúnra rẹ̀, kì í sì í yára yọ òwú bí etí tó tẹ̀lé òòró. Kí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti ká a ná, kí sísọ́ọ̀sì tó dá sí i.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́? Ẹ̀yìn aṣọ ni kí a kọ́kọ́ yí wò. Ojú ìrán tó wà lẹ́yìn yẹ kó tẹ̀lé etí ewé ní ìlà kan, kó sì jọra ní gígùn. Ibi tí ojú ìrán bá ti gùn ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ ni a ó ti rí igun lójú ewé. Bí aṣọ ìsàlẹ̀ bá hunjọ yí ewé ká, òwú ni a fà le jù, tàbí kí fọ́nrán aṣọ méjèèjì má bára wọn mu. Bí òjìji dúdú bá hàn lábẹ́ aṣọ tó fúyẹ́, etí tí a ká sínú ló pọ̀. Bí orí ṣóńṣó bá nípọn bí èso àgbàdo lábẹ́ ìka, ìrù tó yẹ kí a gé ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó tó rán kọjá ibẹ̀ jìnnà lè tú ojú ìrán márùn-ún, kó gé e, kó sì tún un rán. Èyí tí a ti rán tán, tí a sì ti yọ tákì lára rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títú kòtò tí a ti là lẹ́ẹ̀mejì máa ń bà á jẹ́ pátápátá.

Irin ìlọṣọ dé ìgbẹ̀yìn. Kí a dojú ewé bo táwẹ́lì, kí a sì lọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Bí a bá gbé irin gbígbóná lé ojú rẹ̀, etí tí a ká á yọ lójú ewé bí àmì tó ń dán, kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò dé náà wà. Léèsì olójú ihò kò ṣeé ká báyìí, nítorí ohun tí a ká á hàn. Aṣọ òkè ki jù, bí a bá sì gé e, etí rẹ̀ á tú kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún méjèèjì, sígísáàgì télọ̀ ṣì dára jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ọmọdé tí wọ́n á máa fi omi gbígbóná fọ̀ lójoojúmọ́: ìrán wẹ́wẹ́ tí kò hàn kì í fara da irú ìyẹn pẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ìbora. Kó gé ewé gbẹ̀rẹ̀fútù kan, sẹ̀ǹtímítà 20, lára ànkárá tó ti fọ̀, kó tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun tó tó ìrọ̀rí àga, kó sì rán kòtò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìfo ọ̀kankan. Kó tún gé èkejì lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì fi ìka tọ́ kòtò ti ìkínní àti ti èkejì wò. Ìka rẹ̀ á sọ fún un ibi tó kù sí.